Bí a ṣe ń fa ìbéèrè yọ láti inú orí ìwé sosiọ́lọ́jì kan

Ìdánwò ti ń kanlẹ̀kùn, ẹ sì ti sọ orí ìwé kan di ojú ewé kan péré. Ẹ jẹ́ ká fi èrò Peter Ekeh, èyí tó tẹ̀ jáde ní 1975, ṣe àpẹẹrẹ.

Ká ní ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ rèé: ìjọba amúnisìn dá àwùjọ méjì sílẹ̀ ní Áfíríkà. Ọ̀kan ni àwùjọ ìbátan, bí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Èkejì ni àwùjọ ìjọba, bí ọlọ́pàá àti iléeṣẹ́ ọba. Ẹnì kan náà ló sì ń rìn nínú méjèèjì.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìbéèrè kúkúrú, tó dá lórí kókó kan ṣoṣo: “Sọ ìyàtọ̀ kan láàárín àwùjọ méjèèjì.” Máàkì 2. Ìdáhùn: nínú àwùjọ ìbátan, èèyàn gbà pé ojúṣe òun ni láti fún un ní nǹkan, nínú ti ìjọba, ó ń gbà láìronú pé ó yẹ kóun fi nǹkan padà. Máàkì kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó sọ apá kan ṣoṣo gba 1.

Ìbéèrè àròkọ ní láti so kókó pọ̀ mọ́ra: “Akọ̀wé ìjọba kan ń kó owó iléeṣẹ́ jẹ, àmọ́ kì í fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀. Fi èrò Ekeh ṣàlàyé.” Máàkì 10. Ẹ pín in kẹ́ ẹ tó kọ ìdáhùn: 2 fún ìtumọ̀ àwùjọ méjèèjì, 3 fún bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, 3 fún akọ̀wé yìí gan-an, 2 fún ibi tí èrò náà kù sí. Bí àpẹẹrẹ, a rí akápò tó ń jẹ owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú náà.

Ibi máàkì 3 àkọ́kọ́ yẹn ni wàhálà wà. Ojú ewé kan tẹ́ ẹ kọ sọ pé amúnisìn ló fà á, kò sọ bó ṣe fà á. Tẹ́ ẹ bá kọ ìdáhùn láti inú rẹ̀ nìkan, ohun tó máa jáde ni pé “olè ni òṣìṣẹ́ ìjọba,” Ekeh kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ padà sínú orí ìwé gan-an. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé nígbà ìjà òmìnira, àwọn ọ̀mọ̀wé Áfíríkà ń rọ ará ìlú láti da iṣẹ́ ìjọba amúnisìn rú, ìwà náà kò sì bá òyìnbó lọ.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìbéèrè àròkọ yín dáa? Ẹ gbìyànjú láti da gbólóhùn kan kọ látinú ojú ewé yẹn. Tí ìyẹn bá tó ìdáhùn, ìbéèrè kúkúrú ni, ẹ dín máàkì rẹ̀ kù.