Pọ́fù-pọ́fù Mélòó Ló Wà Nínú Kílò Fúláwà Kan?

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń dín pọ́fù-pọ́fù ní iye tí kílò fúláwà kan ń mú jáde, ọ̀kan á ní àádọ́ta, èkejì á ní ọgọ́rin, kò sì sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ọwọ́ tí wọ́n fi ń gé e ló yàtọ̀. Fúláwà nìkan kọ́ ló ń wọ òróró, omi àti ṣúgà wà níbẹ̀, àwọn náà sì wúwo. Àpòpọ̀ ló yẹ ká wọ̀n, ká sì fi ìwúwo ẹyọ kan pín in.

Ẹ jẹ́ ká mú àpòpọ̀ kan tí kò ki jù, tí kò sì ṣàn jù. Fúláwà jẹ́ 1,000 gíráàmù, omi 750, ṣúgà 200, yíìsì àti iyọ̀ 20 lápapọ̀. Gbogbo rẹ̀ di 1,970. Nǹkan bí 50 á lẹ̀ mọ́ abọ́ àti ọwọ́, á wá ku 1,920. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ 30 gíráàmù, 64 la máa rí. Bó bá jẹ́ 40, 48 ni. Bó bá jẹ́ 24, irú kékeré tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó, a óò rí 80. Kó tó wọ òróró la ń wọ̀n ọ́n o, torí iná ń gbẹ omi ara rẹ̀, òróró náà sì ń wọ inú rẹ̀.

Síkéèlì kékeré ló yẹ kí ẹni tó ń tajà yìí ní, nítorí kóńgò ń tanni jẹ: fúláwà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ inú rẹ̀ wúwo ju èyí tí wọ́n rọra bù sí i lọ. Bí àpòpọ̀ bá ti wú, ẹ gé mẹ́wàá sínú abọ́ lórí síkéèlì. Bó bá jẹ́ 300 gíráàmù, ọwọ́ yín ṣe déédéé. Ẹ dà á padà, kí ẹ máa dín in lọ. Ẹ tún un ṣe nígbà tó bá dé ìdajì. Yíìsì kò dáwọ́ dúró, afẹ́fẹ́ á ti pọ̀ sí i nínú àpòpọ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan náà á sì fúyẹ́ ju ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rò ó, afẹ́fẹ́ á jáde, á tún wúwo.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ gíráàmù wà nínú owó. Ká ní fúláwà jẹ́ 1,500 náírà, ṣúgà 400, yíìsì àti iyọ̀ 150, òróró tó gbẹ 600, gáàsì 350, bébà àti ọ̀rá 200. Owó tó jáde jẹ́ 3,200. Ká tún ní ẹyọ kan jẹ́ 80 náírà. Ẹni tó gé e ní 30 gíráàmù á pa 5,120, èrè rẹ̀ á sì jẹ́ 1,920. Ẹni tó gé e ní 40 á pa 3,840. Èrè rẹ̀ kò ju 640 lọ. Gíráàmù mẹ́wàá péré tó lé lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti kó ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè lọ, láìka owó iṣẹ́ obìnrin náà rárá.

Èènì náà wà níbẹ̀. Bí oníbàárà bá ra márùn-ún tí ẹ fi ẹyọ kan kún un, nínú 64 yẹn, ẹyọ 10 ló máa lọ láìgba owó. Èrè 1,920 á di 1,120. N kò ní kí ẹ má fún wọn ní èènì, ṣùgbọ́n ẹ kà á mọ́ iye tí ẹ fi ń ṣírò kí ẹ tó dá owó lé e.

Ẹlòmíràn máa ń fi omi kún un kí iye ẹyọ lè pọ̀. Àpòpọ̀ tó ti ṣàn jù kì í rí roboto nínú òróró, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì máa fa òróró. Òróró tí kò tíì gbóná dáadáa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ kán díẹ̀ sí i: tó bá rì, tó sì yára léfòó pẹ̀lú ìfófòó lára, ó ti tó. Kí ẹ lè mọ iye òróró tó gbẹ, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá tutù.

Ti dónọ́ọ̀tì yàtọ̀ díẹ̀, torí omi rẹ̀ kéré, bọ́tà àti ẹyin sì wà nínú rẹ̀. Kílò fúláwà kan sábà máa ń di nǹkan bí 1,750 gíráàmù. Bí ẹ bá gé e ní 60, 29 ni. Bí ẹ ṣe tẹ́ ẹ nípọn tó ló ń pinnu èyí, kì í ṣe ọwọ́ tó ń gé e.

Tí fúláwà bá wá fi 400 náírà lé, owó tó jáde á di 3,600. Kí ẹyọ kan lè máa ná yín ní 50 náírà bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ rí 72, ìyẹn ni pé kí ẹ gé e ní gíráàmù 27 ó dín díẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 30, ẹyọ kan á ná yín ní 56 náírà ó lé díẹ̀. Ní tèmi, ó sàn kí ẹ tà á ní 90 náírà kí ẹ sì sọ fún oníbàárà pé ọjà ti wọ́n, ju kí ó máa rí i pé ó ń kéré lọ́wọ́ òun lójoojúmọ́.