Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Fíláàṣì Yẹn Ná

Ẹni tó bá ṣèèṣì fọ́máàtì fíláàṣì rẹ̀ kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Á ṣí i wò bóyá nǹkan kan ṣì kù níbẹ̀, á yọ ọ́, á kì í bọ kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà á wa sọ́fítíwíà tó ń wá fáìlì jáde, á sì dà á sórí fíláàṣì ọ̀hún gan-an. Ohun tí fọ́máàtì kò bà jẹ́, ìgbìyànjú wọ̀nyí ló sábà máa ń bà á jẹ́.

Lórí Wíńdòsì, àpótí kékeré kan wà níbi tí a ti ń fọ́máàtì tí wọ́n kọ Quick Format sí. Àmì sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àmì yẹn bá wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò fọwọ́ kan ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ohun tó wà nínú fíláàṣì yín. Ohun tó pa rẹ́ ni àkọsílẹ̀ tó wà níwájú, èyí tó ń sọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Bí ìgbà tí ẹnì kan fa pèrègún ààlà oko tu ni: iṣu ṣì wà nínú ebè, àmì tó ń fi oko han ni kò sí mọ́. Láti ìgbà náà lọ, kọ̀ǹpútà gbà pé fíláàṣì ṣófo, ohun tuntun tí ẹ bá sì kọ sí i yóò bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, lórí àwọn fáìlì tó kọ́kọ́ débẹ̀.

Bí kò bá sí àmì nínú Quick Format, ọ̀ràn yí padà. Láti ìgbà Wíńdòsì Vista ni fọ́máàtì kíkún ti ń kọ òdo sórí fíláàṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí òdo bá sì ti kọjá, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ náwó lé e lórí. Àkókò tó gbà ni ẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Fọ́máàtì kíákíá kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ti kíkún lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Tó bá ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí ojú yín là, ẹ tẹ Cancel lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun kò mọ fíláàṣì yẹn mọ́, àmọ́ ibi tí òdo kò tíì dé ṣì ní fáìlì nínú.

Tó bá ti parí, ẹ tẹ Eject, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má kì í bọ tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì kì í bọ fóònù. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní nǹkan tó máa ń kọ sórí fíláàṣì láì bi ẹnikẹ́ni: Wíńdòsì máa ń dá fódà System Volume Information sílẹ̀, kọ̀ǹpútà Mac máa ń dá .Spotlight-V100 àti .fseventsd sílẹ̀. Wọn ò tóbi, ṣùgbọ́n iwájú ni wọ́n ń jókòó sí. Tí Wíńdòsì bá ní òun fẹ́ yẹ fíláàṣì wò kí òun tún un ṣe, ẹ má gbà fún un, nítorí kíkọ nǹkan sórí rẹ̀ wà lára àtúnṣe náà. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá ọ̀nà náà, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ṣe àdàkọ odidi fíláàṣì kí wọ́n tó wá ohunkóhun. Bí wọn ò bá mọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ gba fíláàṣì yín lọ́wọ́ wọn.

Àdàkọ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ ká mú ayàwòrán kan tó fọ́máàtì fíláàṣì 32 GB tí àwòrán ìgbéyàwó oníbàárà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwòrán náà kò ju 5 GB lọ, síbẹ̀ ó nílò àyè tó tó 32 GB lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, torí pé àdàkọ yìí ń kó gbogbo ojú fíláàṣì, títí kan ibi tí kọ̀ǹpútà gbà pé ó ṣófo, níbi tí fáìlì rẹ̀ wà gan-an. Lórí Wíńdòsì, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ Win32 Disk Imager lè ṣe é. Á kọ orúkọ fáìlì tuntun, ká ní D:\igbeyawo.img, á mú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fún fíláàṣì, á sì tẹ Read. Bọ́tìnì Write wà nítòsí rẹ̀, iṣẹ́ òdìkejì ló sì ń ṣe: ó ń da fáìlì sórí fíláàṣì. Ẹ wo bọ́tìnì náà dáadáa kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá parí, kí ìwọ̀n igbeyawo.img bá ti fíláàṣì mu. 32 GB sábà máa ń hàn bíi 29 GB lórí Wíńdòsì, torí pé ọ̀nà tó ń gbà ka iye yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Bí kíkà bá ń dúró lójú ọ̀nà, fíláàṣì fúnra rẹ̀ ti ń ṣàìsàn. Ẹni tó bá mọ Línọ́ọ̀sì lè lo ddrescue, tó máa ń fo ibi tó bàjẹ́, táá sì padà síbẹ̀ níkẹyìn:

```
lsblk
sudo ddrescue -d /dev/sdb igbeyawo.img igbeyawo.map
```

Àṣẹ àkọ́kọ́ ló ń fi hàn, nípa ìwọ̀n, èyí tó jẹ́ fíláàṣì. Sdb lè jẹ́ sdc lórí ẹ̀rọ tiyín. Orúkọ fíláàṣì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Láti ibí yìí, fíláàṣì wọ inú dúróà, orí àdàkọ ni gbogbo wíwá yóò ti máa wáyé. Ayàwòrán wa ṣí igbeyawo.img nínú DMDE, ó sì ní kó ṣe Full Scan. Àwọn àwòrán tó wà nínú fódà padà wá pẹ̀lú orúkọ wọn, nítorí pé àárín fáìlì ni àkọsílẹ̀ fódà kọ̀ọ̀kan wà, kì í ṣe iwájú tí fọ́máàtì nù. Àwọn tó wà níta láìsí nínú fódà kankan kò ní oríire yẹn, iwájú ni orúkọ wọn wà. Fún ìyẹn, ó lo PhotoRec:

```
photorec_win igbeyawo.img
```

PhotoRec kì í wá orúkọ rárá. Ó mọ bí fáìlì JPEG ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ibi tó bá ti rí irú ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ti ń gé e jáde, á sì fún un ní orúkọ bíi f0012345.jpg. Kí ó kó ohun tó bá rí sórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tí kò ní bọ̀ sípò dáadáa ni fáìlì tó wà ní àbọ̀-àbọ̀. Àwòrán tí a dà sórí fíláàṣì tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń tò tẹ̀léra wọn, nítorí náà ó rọrùn láti gbé. Fíláàṣì tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n sì ń fi òmíràn dípò, máa ń fọ́n fáìlì káàkiri àyè tó bá ṣẹ́ kù, àkọsílẹ̀ tó so wọ́n pọ̀ sì ni èyí tó ti lọ. Ìwé Wọ́ọ̀dù tí a ń tún kọ lójoojúmọ́ wà nínú ewu yìí ju àwòrán lọ. Orúkọ rẹ̀ á pé, ìwọ̀n rẹ̀ á pé, ṣùgbọ́n Wọ́ọ̀dù á ní ó ti bàjẹ́.

Torí náà, ẹ má wo àwòrán kéékèèké tó ń hàn nínú fódà kí ẹ ní gbogbo rẹ̀ pé. Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán kámẹ́rà, àwòrán kékeré yẹn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ó lè mọ́lẹ̀ kedere nígbà tí ara àwòrán gan-an ti fọ́. Ẹ ṣí wọn níkọ̀ọ̀kan kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá di eérú, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ bá dédé yí padà láti àárín, ti pàdánù ìyókù ara rẹ̀. Ẹ tún wá irú fáìlì bẹ́ẹ̀ nínú àdàkọ pẹ̀lú sọ́fítíwíà mìíràn, kí ẹ má sì tíì yọ fíláàṣì kúrò nínú dúróà.