Ikọ́ Ti Lọ, Kí Ló Dé Tí Oògùn Ṣì Kù?

Nínú gbogbo oògùn apakòkòrò, ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí wọ́n ń pè ní tíbì, ló gùn jù lójú ọlọ́jà: oṣù 6 gbáko. Ní oṣù 2 àkọ́kọ́, oríṣi oògùn 4 lèèyàn ń lò pa pọ̀. Oríṣi 2 ní oṣù 4 tó kù. Ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀kan nínú wọn, rifampísínì, máa ń pọ́n ìtọ̀. Ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan ikọ́ á rọlẹ̀, oúnjẹ á máa wọlé, ọlọ́jà á ní ara òun ti yá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn kòkòrò tó ń ṣiṣẹ́ ni oògùn tètè pa. Àwọn kan sùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, oògùn ò tètè rí wọn pa. Torí tiwọn ni oṣù 6 ṣe wà. Tá a bá dáwọ́ dúró, wọ́n á jí. Tá a bá ń lò ó lónìí, tá a ń fò ó lọ́la, tàbí tá a ṣa ẹyọ kan lò nínú wọn, èyí tó lágídí nínú kòkòrò ló máa ṣẹ́ kù, á sì máa bí irú ara rẹ̀. Oògùn ò ní ràn án mọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá kó o lára onítọ̀hún, èyí tó lágídí náà ló kó, bí kò tiẹ̀ lo oògùn kankan rí.

Látijọ́, irú èyí lè gba oṣù 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó lè di èèyàn létí. Oògùn tuntun ti wà báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti orí àtẹ.

Bí oògùn bá ń mú yín bì, tàbí tí ẹyinjú yín pọ́n bí àtàlẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó fún yín lọ́jọ́ náà gan-an. Òun ló lè pa á dà.