Bí Agbọ̀n Àgbọn Ṣe Gbé Oníbodè Sókè

Ẹni tí ó bá ti gba ojú títì tí ó ti Àgbádárìgì lọ sí bodè Sèmè rí kò ní ṣàì mọ̀ pé èdè tí a ń sọ níbẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: Ègùn ń sọ Ègùn, ọmọ Yorùbá ń sọ tirẹ̀, èrò tí ó ti Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu wá ń sọ Faransé, ẹni tí kò sì gbọ́ ìkankan nínú wọn ń fi ọwọ́ júwe. Nítorí náà, nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán kan ní agbègbè náà pinnu láti ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kékeré kan, eré àwòrán tí ń rìn, ohun tí a kọ́kọ́ fi ẹnu kò sí ni pé ẹnikẹ́ni kò ní la ẹnu sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà.

Àwa kọ́ ni a ó kọ́kọ́ dán irú rẹ̀ wò ní apá ilẹ̀ wa yìí. Ní 1966, Moustapha Alassane, ọmọ ilẹ̀ Nìjẹ́, fi àwòrán ro ìtàn Sim, ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́, ẹni tí ó lọ ṣe àbẹ̀wò sí ìlú òkèèrè, tí wọ́n yẹ́ ẹ sí ní ọ̀hún, tí ó sì padà dé ilé bá a pé ìjọba ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ní oṣù kejì ọdún náà gan-an ni ìjọba bọ́ mọ́ Nkrumah lọ́wọ́ ní ilẹ̀ Gánà nígbà tí ó wà lẹ́yìn odi. Ohun tí a rí kọ́ lára iṣẹ́ Alassane ni pé bí a bá ṣe gbé ènìyàn ga tó ni ìṣubú rẹ̀ yóò ti pani lẹ́rìn-ín tó.

Tiwa dá lórí oníbodè kan àti ọ̀pá gbọọrọ tí ó fi dínà. Òpó tí orí rẹ̀ pín sí méjì ni ó gbé ọ̀pá náà dúró ní agbede-méjì, wọ́n sì so òkúta mọ́ ìdí ọ̀pá kí ó lè fúyẹ́ láti gbé. Oníbodè fi agbọ̀n kan kọ́ ìdí ọ̀pá yìí, nítorí àwọn ewúrẹ́ tí ń rìn kiri, ó sì di orí ọ̀pá mú. Ìpìlẹ̀ eré nìyẹn: olùwòran ti rí ọ̀pá, ó ti rí agbọ̀n, ó ti rí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò ì tí ì mọ ohun tí a fẹ́ fi wọ́n ṣe.

Ọkùnrin kan wá gun kẹ̀kẹ́ dé pẹ̀lú ẹrù àgbọn. Oníbodè na ọwọ́, ó gba ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sínú agbọ̀n, ó gbé ọ̀pá sókè, ó sì fi ọwọ́ kan fà á wálẹ̀. Ìyá kan dé, oníbodè gba mẹ́ta. Ọwọ́ kan kò tó fa ọ̀pá wálẹ̀ mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì kún un. Ọkọ̀ akẹ́rù dé, ó gbà títí agbọ̀n fi kún dé ẹnu. Ó wá di pé kí ó fi ikùn lé ọ̀pá kí ó tó wálẹ̀. Ìṣe kan náà ni ní gbogbo ìgbà, àmọ́ ìyà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ti àkọ́kọ́ kọ́ olùwòran ní àṣà ibẹ̀, ti èkejì fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ti ẹ̀kẹta sì mú un máa retí nǹkan.

Ní ìkẹyìn, ọmọdé kan dé pẹ̀lú àgbọn kékeré kan ṣoṣo. Àgbà tí ó bá ń jẹ àjẹìwẹ̀yìn kì í mọ ibi tí ó yẹ kí ó dúró. Oníbodè gba èyí náà, ó jù ú sínú agbọ̀n. Gbogbo nǹkan dákẹ́ fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá. Lójijì agbọ̀n já wálẹ̀ gbì, orí ọ̀pá fò lọ sókè, oníbodè sì rọ̀ mọ́ ọn bí àdán. Ọmọdé náà kọjá lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ ń tẹ̀ lé ọkọ̀, ẹnì kan kò san nǹkan kan, ewúrẹ́ sì ti kó sórí agbọ̀n. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Iṣẹ́ ńlá ni irú eré bẹ́ẹ̀. Àwòrán 24 ni ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a tilẹ̀ lo ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀méjì, eré ìṣẹ́jú kan yóò gba àwòrán 720. Ìdí rẹ̀ nìyí tí a fi ń kọ́kọ́ ya ìtàn náà wẹ́wẹ́ sínú àpótí kéékèèké lórí bébà, kí a sì fi han àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, láìṣe àlàyé. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín kí agbọ̀n tó já, a ti fi ọ̀pá hàn wọ́n jù. Bí wọ́n bá béèrè pé ta ni ó ti oníbodè sókè, a kò fi hàn tó. Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn ọmọ àdúgbò bi wá, nítorí pé iwájú ni a ti ń wo oníbodè, ara rẹ̀ sì bo agbọ̀n mọ́lẹ̀. A yí àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́, kí orí ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ lè hàn lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí ẹni tí ó tún béèrè. A wá fi dúdú kun gbogbo rẹ̀ bí òjìji láti dán an wò, ẹ̀rín náà kò sì yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ kọ irú eré yìí, àwòrán ìkẹyìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá ibi tí ẹ ó fi ohun tí yóò fà á sí, ní gbangba, níbi tí ojú olùwòran yóò ti rí i láìfura.