Lẹ́tà Ìgbọ̀wọ́: Kí Ni Ẹni Tó San Owó Yóò Gbà?

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ asáré wa ní Kétu kọ sí ìyá oníbúrẹ́dì kan kún fún ẹ̀bẹ̀: àwọn ọmọ kò ní ẹ̀wù, ẹ ṣàánú wa. Ìyá náà kà á tán, ó dá a padà fún mi. «Tísà, ṣé ẹ̀bùn lẹ ń tọrọ ni, àbí òwò lẹ fẹ́ kí a jọ ṣe?» Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

A tún lẹ́tà náà kọ ní ojú ewé kan ṣoṣo. A kọ́kọ́ sọ ẹni tí a jẹ́: asáré 24, tí wọ́n ń sáré ní òwúrọ̀ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ní ọ̀nà tó kọjá lẹ́bàá Àkábà Ìdẹ̀na. Lẹ́yìn náà ni a sọ ohun tí a fẹ́. Ìnáwó wa lódindi ì bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí náà ohun kan péré tí òun fúnra rẹ̀ lè fojú rí ni a bèèrè: ẹ̀wù 24, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3 500 sẹ́fà, àpapọ̀ 84 000. Àwọn òbí ni yóò san owó ọkọ̀.

Ohun tí òun yóò gbà ni a wá fi ìyókù ojú ewé náà sọ. Orúkọ ilé búrẹ́dì rẹ̀ yóò wà ní ẹ̀yìn ẹ̀wù, kì í ṣe ní àyà, nítorí pé àyà ni a ń lẹ nọ́ńbà mọ́ lọ́jọ́ ìdíje, tí yóò sì bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Fún oṣù 12, a kò ní gba oníbúrẹ́dì mìíràn. Lọ́jọ́ ìdíje wa méjèèjì, tábìlì rẹ̀ yóò wà níbi tí eré ń parí sí, níbi tí ebi ti ń pa asáré àti òbí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ó fi ìwé ẹ̀rí owó tí a san fún aránṣọ hàn án, pẹ̀lú àwòrán.

Akọ̀wé wa fẹ́ fi kún un pé ọjà rẹ̀ yóò tà sí i. A yọ ọ́ kúrò: èyí kò sí ní ọwọ́ wa. Dípò rẹ̀, a kọ ọ́ pé bí òjò bá da ìdíje rú, a ó tún un ṣe láàárín oṣù kan.

Ìyá náà bèèrè ohun kan tí a kò rò: «Bí ẹ̀wù bá ya ńkọ́?» A fi kún un pé ẹgbẹ́ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ó san 42 000, ó ní ìyókù di ìgbà tí òun bá rí ẹ̀wù àkọ́kọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí aránṣọ ti ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. A tún un ṣe, ó sì san ìyókù.

Ẹ̀dà lẹ́tà méjì ni a fọwọ́ sí. Tiwa wà lọ́wọ́ akápò. Tirẹ̀ wà lára ògiri, lókè tábìlì tó ti ń ta búrẹ́dì.