Jẹ̀díjẹ̀dí: Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ń dẹ ìrora

Bàbá àgbẹ̀ kan mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí títí, síbẹ̀ ìdí ń yún un, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Nọ́ọ̀sì wí fún un pé: “Bàbá, kì í ṣe ṣúgà. Ìgbẹ́ líle tí ẹ ń fi tipátipá yà ló mú iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ wú. Ẹ máa jókòó sínú báàfù omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ, ẹ má ha á. Ẹ máa mu omi dáadáa, ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ.” Nígbà tí ìgbẹ́ rọ̀, ẹ̀jẹ̀ dá.

Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Jẹjẹrẹ ìfun náà máa ń ṣẹ̀jẹ̀.