Ẹ̀ka Wo Ló Jó Dísẹ́ẹ̀lì Yìí?

Ẹ jẹ́ ká mú ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn, tó ní ẹ̀ka ní Bódìjà àti Dùgbẹ̀. Ọkọ̀ epo dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù, ó já 280 lítà sí Bódìjà, ó já 120 sí Dùgbẹ̀. Ínfọ́ìsì kan péré ni ẹni tó ta epo kọ: 400 lítà, ₦1,200 ni lítà kan, àpapọ̀ rẹ̀ ₦480,000.

Kí akọ̀wé owó tó fi í sínú sọ́fítíwíà, ìbéèrè méjì ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Kí la rà? Èyí ló ń sọ àkáǹtì ìnáwó: epo jẹnẹrétọ̀. Ta ló lò ó? Èyí ló ń sọ ojúkò ìnáwó, ìyẹn ẹ̀ka tí owó náà já lé lọ́rùn. `Class` ni QuickBooks Online ń pè é, TallyPrime ń pè é ní `Cost Centre`. Nítorí náà, ínfọ́ìsì kan yìí yóò di ìlà méjì lójú kọ̀ǹpútà. Àkáǹtì kan náà ni ìlà méjèèjì ní, àmọ́ ₦336,000 bọ́ sí Bódìjà, ₦144,000 bọ́ sí Dùgbẹ̀. Gbèsè ẹni tó ta epo kò kúrò ní ₦480,000.

Ìkánjú ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Akọ̀wé á kó gbogbo owó náà sí Bódìjà, nítorí ibẹ̀ ni ínfọ́ìsì balẹ̀ sí. Ká ní èrè Bódìjà lóṣù náà jẹ́ ₦200,000 lóòótọ́, ti Dùgbẹ̀ sì jẹ́ ₦50,000. Pẹ̀lú àṣìṣe yìí, Bódìjà á já sí ₦56,000, Dùgbẹ̀ á fò dé ₦194,000. Àpapọ̀ ṣì jẹ́ ₦250,000, ìwé dọ́gba, kọ̀ǹpútà kò sì ní pariwo. Ẹ̀ka tó ń pa owó gan-an ni ọ̀gá á máa rò láti tì pa.

Bí akọ̀wé bá fi àyè ojúkò sílẹ̀ lófìfo, QuickBooks á kó owó náà sábẹ́ `Not specified` nínú ìròyìn èrè ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ojú á sì rí i. Èyí tí wọ́n kọ sí ẹ̀ka tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ṣòro láti mú. Ẹ to owó epo oṣù mẹ́fà ẹ̀ka méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí Dùgbẹ̀ bá ta búrẹ́dì jálẹ̀ oṣù kan tí owó dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sì jẹ́ òfo, ẹ wá ínfọ́ìsì oṣù náà jáde.

Àwọn kan máa ń pín in sí méjì ọgbọọgba kí wọ́n lè sinmi. N kò fara mọ́ ọn: ₦240,000 lọ́rùn Dùgbẹ̀ kì í ṣe òótọ́, nígbà tí iye lítà tí wọ́n já síbẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá ẹ̀ka, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gba epo kọ iye lítà sára ìwé, kó sì fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ tó kúrò níbẹ̀.